Ọ̀sẹ̀ ìdánwò ni kí o fi díwọ̀n pósítì rẹ

*Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní ilé ìwé aládàáni kan ní Tánkẹ́, níbí ní Ìlọrin. Aago 7:30 àárọ̀ ni mo ń wọlé, aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni mò ń jáde, Mọ́ńdè sí Jímọ̀. Mo tún ń ta aṣọ òkè. Ahunṣọ méjì ló ń bá mi hun ún nínú ìlú, lẹ́bàá Ọjà Ọba, àwọn méjèèjì kì í sì lè hun ju aṣọ ìyàwó àti ọkọ mẹ́rin lọ lóṣù. Bí mo bá ráyè, mo lè gbé àwòrán mẹ́wàá síta lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìyẹn ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó gbúròó mi. Àwọn tó ń kọ́ni lórí ayélujára ní ojoojúmọ́ ni kí n máa pósítì. Mo gbìyànjú ẹ̀, kò pẹ́ tó fi sú mi. Ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kí n máa pósítì lọ́sẹ̀? Báwo ni mo ṣe lè ṣe é tí iṣẹ́ ilé ìwé àti iṣẹ́ oníbàárà ò fi ní bàjẹ́?*

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni. Alẹ́ Túsìdeè àti alẹ́ Sọ́ńdè, aago 8:30, lórí Ínsítágíráàmù àti Fesibúùkù pọ̀. Sítétọ́ọ̀sì Wasáàpù lè tó alẹ́ mẹ́rin. Bí ara rẹ bá ń yá gágá pé o fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, dákun, kó o ní sùúrù títí oṣù kejìlá yóò fi dé bá ọ lẹ́nu ẹ̀.

Àwọn tó ń sọ pé kí o máa pósítì lójoojúmọ́ kò purọ́, àmọ́ kì í ṣe ìwọ ni wọ́n ń bá wí. Ẹni tó ń ta oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn òṣìṣẹ́ ní Unity Road gbọ́dọ̀ fara hàn lójoojúmọ́, nítorí ebi ń pa oníbàárà ẹ̀ lójoojúmọ́, bó bá sì di aago kan ọ̀sán tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó ti ra ti ẹlòmíì nìyẹn. Aṣọ òkè kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ló ń ra aṣọ òkè lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀? Ẹni tó bá ra tìrẹ fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀ lè má tún rà á mọ́ fún ọdún kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n láàárín ìgbà yẹn, yóò jókòó nínú ìpàdé ẹbí níbi tí wọ́n ti ń dá ọjọ́ nikáì tàbí wòlímọ́ọ̀tì, ẹnì kan yóò sì béèrè pé, "Ta la mọ̀ tó ń ta aṣọ òkè?" Orúkọ rẹ ló gbọ́dọ̀ bọ́ sí i lẹ́nu nígbà náà. Ẹni tó ń rí ọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ jálẹ̀ ọdún yóò rántí. Ẹni tó rí àwòrán mẹ́wàá lọ́jọ́ kan, méjì péré ló wò níbẹ̀. Ìwọ náà wo sítétọ́ọ̀sì àwọn èèyàn rẹ: bí ìlà orí ẹ̀ bá ti gé wẹ́wẹ́ bí eyín òòyà, ṣé o máa ń wò ó dé òpin? Wákàtí 24 lẹ́yìn náà, gbogbo ẹ̀ ti pòórá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e sì ṣófo.

Ohun tí wọn kì í sọ rárá ni pé pósítì fúnra ẹ̀ kọ́ ló ń tánni lókun. Ohun tó ń tẹ̀ lé e ni. Gbé àwòrán aláwọ̀ wáìnì kan síta láàárọ̀ ní aago 7:15, kó o tó wọ kíláàsì. Kó tó di aago mẹ́sàn-án, èèyàn mẹ́fà ti ń béèrè pé èló ni. Ẹnì kan fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè dé Àkúrẹ́ kó tó di Sátidé tó ń bọ̀. Òmíràn fi àwòrán gèlè tó rí níbòmíì ránṣẹ́, ó ní ṣé o lè ṣe irú ẹ̀. Ìwọ wà níwájú pátákó, fóònù wà nínú báàgì. Nígbà tí o fi máa dáhùn ní aago márùn-ún, mẹ́ta nínú wọn ti bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ tán, o wá rò pé pósítì kò ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ o. Ìwọ ni kò sí nílé nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ìdí tí mo fi mú aago 8:30 alẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn pọ̀ lórí fóònù nígbà yẹn nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n pọ̀ lóòótọ́. Ìwọ fúnra rẹ ti kírun Ìṣáì, o ti jẹun, o sì lè jókòó ti fóònù títí di aago 9:15. Àkókò tí ìwọ lè dáhùn ni àkókò pósítì.

Ó tún ní ibòmíì tí pósítì àpọ̀jù ti ń pani lára. Aṣọ mẹ́rin ni àwọn ahunṣọ rẹ lè hun lóṣù. Bí o bá pósítì bí ẹni tó lè hun ogún, àwọn mẹ́jọ lè san àsansílẹ̀ lóṣù kan. Ìyá ìyàwó mẹ́rin yóò máa pè ọ́ nígbà tí o wà nínú yàrá ìdánwò, wàá máa rọ ahunṣọ pé kó kánjú, yóò hun ún láì fún òwú dáadáa, aṣọ yóò sì rí jákujàku. Nínú iṣẹ́ tiwa yìí, ìyá ìyàwó kan tí aṣọ ẹ̀ pẹ́ ju pósítì ọgọ́rùn-ún lọ lẹ́nu. Kó o tó béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó lo lè pósítì, béèrè pé aṣọ mélòó lo lè fi lélẹ̀, àti pé èèyàn mélòó lo lè bá sọ̀rọ̀ dé ibi tó nítumọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Fún ẹni tó ti lo gbogbo ọjọ́ ní ilé ìwé, márùn-ún sí mẹ́fà ti tó.

Jẹ́ ká wá ṣírò ẹ̀. Má fi ọ̀sẹ̀ tó dára díwọ̀n. Mú ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejìlá: ìdánwò ń lọ, ìwé tó o ní láti máàkì ga dé àgbọ̀n, èsì àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ délẹ̀ kí ilé ìwé tó padé, oṣù kejìlá náà sì ni gbogbo ayé ń ṣe ìnáwó. Kí ló kù fún ọ lọ́sẹ̀ yẹn? Bóyá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lálẹ́, nígbà tí ojú ti ń ta ọ́. O kò lè lọ ya fídíò. O kò lè jókòó ro ohun tí wàá kọ sábẹ́ àwòrán. Dídáhùn nìkan lo lè ṣe. Ó túmọ̀ sí pé ohunkóhun tó bá máa jáde lọ́sẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí o bá yàn láti máa pósítì ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀, o nílò ogún pósítì ní ìpamọ́ kí o tó wọ oṣù yẹn, èyí tí o kò lè rí kó jọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, mẹ́jọ péré ni. Mẹ́jọ ṣeé ṣe.

Níbo ni mẹ́jọ yóò ti wá? Láti ara iṣẹ́ tó o ti gbà ni. Má jókòó sílé máa ronú "ohun tí màá pósítì lónìí", ibẹ̀ gan-an ni ó ti ń sú èèyàn. Jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan ṣoṣo wò. Ká ní ìyá kan láti Ọ̀fà fẹ́ aṣọ òkè aláwọ̀ wáìnì àti góòlù fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀: ìró, bùbá, gèlè àti ìpèlé fún ìyàwó, agbádá, ṣòkòtò àti fìlà fún ọkọ. Láti ọjọ́ tó sanwó títí di ọjọ́ ìnáwó, ìwọ yóò dé ọ̀dọ̀ ahunṣọ ní Sátidé bíi mẹ́ta, bó o fẹ́ bó o kọ̀, láti gbé òwú lọ, láti wo ibi tó dé, láti gba aṣọ. Ìrìn yẹn náà ni kí o fi ya fídíò.

Sátidé àkọ́kọ́, kí ahunṣọ tó fọwọ́ kan òwú, gbé ìdì òwú wáìnì àti ti góòlù sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ lábẹ́ ìbòji níta, kì í ṣe lábẹ́ iná gílóòbù, kì í sì í ṣe nínú oòrùn ganrínganrín. Òwú dídán máa ń tàn yanran lójú kámẹ́rà bí iná bá bà á tààrà, wáìnì yóò sì di pupa, lẹ́yìn náà ni oníbàárà yóò wá bá ọ jà pé àwọ̀ tó rí kọ́ nìyí. Ọ̀kan nìyẹn. Bí ó bá ti ta òwú tán, dúró sí ìdí òfì, kí o sì ya òwú gbọọrọ tó nà lọ níwájú ahunṣọ títí dé ibi tí wọ́n ti fi òkúta wúwo tẹ ìdí ẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń gbé Èkó àti Àbújá kò rí irú ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ la ń fò ó kọjá nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ níbí. Ìkejì nìyẹn. Sátidé kejì, ya ọwọ́ ahunṣọ bó ti ń ju ọ̀kọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì, jẹ́ kí ìró ẹ̀ wọlé, má fi orin bò ó. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ti tó. Béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ kó o tó yà á, bí kò bá sì fẹ́ kí ojú òun hàn, ọwọ́ nìkan náà dára. Lẹ́yìn náà, ya aṣọ tó ti hun, tó dì róbótó. Sátidé kẹta, ya bí télọ̀ ṣe ń so ojú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ di ìró, nítorí ìdajì àwọn oníbàárà kò mọ̀ pé tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, wọn kò sì mọ ìdí tó fi ń pẹ́. Parí ẹ̀ pẹ̀lú àwòrán aṣọ tó ká sílẹ̀. Lẹ́yìn ìnáwó, bẹ ìyá náà kó fi àwòrán tí ọmọ ẹ̀ yà ránṣẹ́, kó sì fún ọ láàyè láti lò ó.

Ó ti di pósítì bíi mẹ́fà sí méje láti ara iṣẹ́ kan, o kò sì jáde nílé lọ́jọ́ kan tí o kò ní jáde tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́rin lóṣù kò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ ṣófo. Kódà, wàá máa sọ àwòrán nù.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí o kò gbọdọ̀ ṣe: má gbé àwọ̀ aṣọ ìyàwó síta kí ọjọ́ ìnáwó tó pé. O mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀rẹ́ ìyàwó bá rí "wáìnì àti góòlù, Ọ̀fà, ìparí oṣù" lórí sítétọ́ọ̀sì rẹ, àṣírí ẹbí ti tú, ìyá yẹn kò sì ní dárí jì ọ́. Nítorí náà, gbogbo ohun tí o yà nínú iṣẹ́ yẹn yóò wà nínú fóònù títí Sátidé ìnáwó yóò fi kọjá. Àwọn míì rí èyí bí ìdíwọ́. Èmi rí i bí ìpamọ́ tó ń kó ara ẹ̀ jọ. Iṣẹ́ oṣù kẹwàá ni wàá máa gbé síta ní oṣù kọkànlá, ti oṣù kọkànlá ni yóò bá ọ la ìdánwò kọjá.

Ṣí fáìlì kan nínú fóònù, pè é ní "Ìpamọ́", àwọn tó ti ṣeé gbé síta nìkan ni kó wà níbẹ̀. Mẹ́jọ ni kí ó máa wà níbẹ̀, ó kéré tán mẹ́rin. Bó bá ti wálẹ̀ dé mẹ́rin, Sátidé yẹn, ya ìlọ́po méjì kó o tó kúrò lọ́dọ̀ ahunṣọ. Bí o bá sì rí i pé ó ti lé ní méjìlá fún oṣù méjì gbáko tí iṣẹ́ ilé ìwé kò sì yingin, nígbà náà ni kí o tó ronú ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ìsinmi oṣù kẹjọ ni ìgbà tó dára jù láti kún un, kì í ṣe ìgbà láti máa pósítì lójoojúmọ́ nítorí pé ọwọ́ dilẹ̀. Ohun tí o bá fi mọ́ àwọn èèyàn lára ní oṣù kẹjọ ni wọn yóò máa retí ní oṣù kẹwàá.

Wákàtí kan ní alẹ́ Sátidé ni gbogbo iṣẹ́ ìjókòó tó wà nínú ètò yìí. Sọ àkáǹtì Ínsítágíráàmù rẹ di ti oníṣòwò, so ó pọ̀ mọ́ ojú ìwé Fesibúùkù rẹ, kí o sì gbé `Meta Business Suite` sórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Níbẹ̀, wàá yan àwòrán, wàá kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀, wàá fi àmì sí Fesibúùkù àti Ínsítágíráàmù pọ̀, dípò kí o gbé e jáde lójú ẹsẹ̀, yan `Schedule`, kí o fún un ní ọjọ́ àti aago. Bí o bá ṣí `Planner`, wàá rí ohun tó máa jáde àti ọjọ́ tó máa jáde. Ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán kò ní láti ju ìlà mẹ́ta lọ: ohun tí ó jẹ́, iye ọ̀sẹ̀ tó ń gbà láti hun, iye tó ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, kọ iye owó. "Ẹ wá sí ínbọ́ọ̀sì fún iye ẹ̀" ló ń sọ pósítì kan di ogójì ìdáhùn, ìwọ tí o ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lálẹ́ kò sì rówó iyẹn san. Àwọn tí iye yẹn ga jù fún yóò kọjá lọ ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò sẹ́ni tó fara pa.

Má ṣètò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ ṣíwájú, bí ohun èlò náà tilẹ̀ gbà ọ́ láàyè. Owó òwú ń yí padà, iye tí o kọ ní oṣù kẹsàn-án lè pa ọ́ lára ní oṣù kọkànlá. Ohun ìbànújẹ́ sì lè ṣẹlẹ̀ nínú ìlú lọ́jọ́ kan tí gbogbo ojú sítétọ́ọ̀sì kún fún àdúrà, kí tìrẹ wá máa jó lálẹ́ yẹn. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì péré ló wà nílẹ̀, ó rọrùn láti rántí kí o sì sún un síwájú.

Sítétọ́ọ̀sì Wasáàpù kò ní irú ètò yẹn. Ọwọ́ ara rẹ ni wàá fi gbé e. Àwọn kan yóò ní kí o gbé Wasáàpù ayédèrú kan sórí fóònù tó lè ṣe é. Má dán an wò. Wasáàpù máa ń ti nọ́ńbà àwọn tó bá ń lò ó pa, nọ́ńbà yẹn sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ. Ohun tí wàá ṣe ni pé lálẹ́ Sátidé náà, fi àwòrán mẹ́rin àti ọ̀rọ̀ wọn ránṣẹ́ sí ara rẹ lórí Wasáàpù, kó jókòó síbẹ̀. Bí alẹ́ bá lẹ́, o kàn máa darí ẹ̀ sí sítétọ́ọ̀sì ni, kò tó ìṣẹ́jú kan. Rántí pé ẹni tí nọ́ńbà ẹ̀ wà nínú fóònù rẹ, tí tìrẹ náà sì wà nínú tiẹ̀, nìkan ló lè rí sítétọ́ọ̀sì rẹ. Ọ̀pọ̀ ń pariwo níwájú yàrá òfìfo láì mọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè owó aṣọ lọ́wọ́ rẹ, tọ́jú nọ́ńbà ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí o sì bẹ̀ ẹ́ pé kó tọ́jú tìrẹ náà, "kí ẹ lè máa rí iṣẹ́ wa".

Fún àwọn tó bá kọ̀wé nígbà tí o wà ní kíláàsì, lo `WhatsApp Business`. Fi aago iṣẹ́ rẹ síbẹ̀ pé 5 ìrọ̀lẹ́ sí 9:30 alẹ́, kí o wá tan `Away message`, kí o sì yan `Outside of business hours`. Kọ ọ́ bí èèyàn: "Ẹ ṣeun tí ẹ kàn sí wa. A máa ń dáhùn láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sí aago 9:30 alẹ́. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ọjọ́ ìnáwó yín àti àwọ̀ tí ẹ fẹ́ sílẹ̀, a óò dá yín lóhùn nígbà náà." Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí pé bí o bá ti dé, ọjọ́ àti àwọ̀ ti wà nílẹ̀, o kò tún ní máa béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ dátà fóònù gbọ́dọ̀ wà ní títàn o, bí o bá pa á, ìdáhùn yẹn kò ní lọ. Pa ohùn ẹ̀ nìkan. Àwọn ìbéèrè tó ń padà wá lójoojúmọ́, kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ nínú `Quick replies`, kí o fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ kúkúrú tí wàá máa tẹ̀:

```
/iye
/ose
/gareeji
```

Èkíní gbé iye owó jáde, èkejì sọ iye ọ̀sẹ̀ tó ń gbà àti àsansílẹ̀ tí wàá gbà kí ahunṣọ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kẹta ṣàlàyé bí aṣọ ṣe ń gba gáréèjì lọ sí ìlú míì àti ẹni tó ń san owó ẹ̀. Má ṣe ju bíi márùn-ún lọ, bí wọ́n bá pọ̀ o kò ní rántí orúkọ wọn.

Nípa ọ̀gá rẹ: aago 8:30 alẹ́ tún ń gbà ọ́ lọ́wọ́ wàhálà kan. Pósítì tó jáde ní aago mẹ́wàá àárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alẹ́ Sátidé lo ti ṣètò ẹ̀, ojú tí ọ̀gá fi ń wò ó ni pé fóònù lo ń tẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ wà níwájú rẹ. Kò sí àlàyé tó lè yọ ọ́ nínú ẹ̀. Má sì ya aṣọ nínú ọgbà ilé ìwé, kódà nígbà ìsinmi ọ̀sán. Tún ìwé tí wọ́n fi gbà ọ́ síṣẹ́ kà, kí o wo ohun tó sọ nípa òwò míì. Ẹ̀yin mìíràn tó ń ka èyí, tí ẹ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba lákòókò kíkún, ọ̀rọ̀ tiyín tún le sí i: Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 kò gba òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ́ẹ̀ láàyè láti máa darí òwò aládàáni, àfi iṣẹ́ àgbẹ̀.

Bí Ramadan bá dé, aago 8:30 kò wúlò mọ́, àṣáàmù ni wọ́n ń kí ní gbogbo Ìlọrin nígbà yẹn. Sún un sí aago mẹ́wàá alẹ́, kí o sì dín sítétọ́ọ̀sì kù sí méjì lọ́sẹ̀. Má dá Ínsítágíráàmù dúró ṣá, nítorí láàárín ààwẹ̀ ni àwọn tí ìnáwó wọn wà lẹ́yìn ìtúnu ti ń wá aṣọ kiri.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ètò náà ti ń wó? Má wo iye àwọn tó tẹ àmì ìfẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ ilé ìwé rẹ àtijọ́ ló pọ̀ níbẹ̀, wọn kò sì ní ìnáwó kankan lọ́dún yìí. Wo ọ̀rọ̀ tó ti sùn mọ́jú láìgba ìdáhùn. Bí irú ẹ̀ bá ti ju mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀ kan, pósítì ti ju agbára ìdáhùn rẹ lọ, dín sítétọ́ọ̀sì kù. Wo Ìpamọ́ pẹ̀lú: bí ó bá ṣófo nígbà tí iṣẹ́ kún ọwọ́, o ti ń dé ọ̀dọ̀ ahunṣọ láì yọ fóònù. Bí ó bá ṣófo nítorí pé kò sí iṣẹ́, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn, pósítì nìkan kò ní yanjú ẹ̀. Kí o sì máa bi gbogbo ẹni tó bá sanwó pé, "Níbo lẹ ti rí wa?" Kọ ọ́ sílẹ̀ sí ìwé kékeré kan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bí ó bá jẹ́ pé Wasáàpù àti Fesibúùkù ni gbogbo wọn ń dárúkọ, tí Ínsítágíráàmù kò mú ẹnì kan wá, o lè jẹ́ kí Ínsítágíráàmù máa gba ohun tí Fesibúùkù gbà láì lo ìṣẹ́jú kan sí i lórí ẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí mo ń bá àwọn oníṣòwò kéékèèké ṣe níbí, sítétọ́ọ̀sì ló máa ń mú owó wá jù fún aláṣọ, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́ ló wà níbẹ̀, ìyá ìyàwó kì í sì fẹ́ fi àsansílẹ̀ lé ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan yóò wà tí gbogbo ẹ̀ yóò dà rú, tí ara rẹ kò yá, tàbí tí wọ́n ní kí o wá ṣe iṣẹ́ olùkọ́ míì mọ́ tìrẹ. Sítétọ́ọ̀sì ni kí o kọ́kọ́ jẹ́ kó lọ. Lẹ́yìn ẹ̀, dín pósítì kù sí ẹyọ kan. Àwọn tó ti sanwó nìkan ni kí o má jẹ́ kí wọ́n sùn láì gbọ́ ohùn rẹ, àní bó bá jẹ́ ìlà kan pé ahunṣọ ti dé ìdajì. Bí iṣẹ́ mẹ́rin oṣù náà bá sì ti pé, má dákẹ́, má sì máa gbé aṣọ tuntun síta bí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ dilẹ̀. Gbé àwòrán òfì kan síta, kí o kọ sábẹ́ ẹ̀ pé: "Iṣẹ́ oṣù kejìlá ti kún. A ti ń gba ti oṣù kìíní, àyè mẹ́rin ló wà." Lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè ojú ìwé rẹ lórí Fesibúùkù àti Ínsítágíráàmù, kí o sì padà sídìí ìwé tó o ń máàkì.